Prẹ́lúùdù Bach láìwo ìwé: ibi tí báà 11 àti báà 19 ti ń tàn mí

Ọjọ́ Ajé. Mo rò pé prẹ́lúùdù, orin dùùrù kékeré tó ṣí ìwé The Well-Tempered Clavier tí Bach kó jọ ní 1722, ti wọ̀ mí lórí. Báà 35 ni, ìyẹn àwọn ìpín tí ìlà pín orin sí nínú ìwé; do rẹ̀ ni C. Mo dé báà 17 ni àbúrò mi pè mí. Nígbà tí mo dá a lóhùn tán, ọwọ́ mi ò mọ ibi tó kàn mọ́, àfi kí n tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ìka ló mọ̀ ọ́n, orí ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́rú. Dípò kí n máa tú ohùn ká, mo tẹ gbogbo ohùn báà kọ̀ọ̀kan pọ̀. Láti báà 1 dé 32, kọ́ọ̀dù kan ní ohùn márùn-ún ni báà kọ̀ọ̀kan. Mo wá pín in sí ìdì: 1 sí 4 jáde nílé, ó padà sílé; 5 sí 11 lọ sọ́dọ̀ so; 12 sí 19 padà wá bá do nísàlẹ̀; 20 sí 23 ń wá ọ̀nà; láti 24 dé 31, so ò kúrò nísàlẹ̀; ìyókù, do ò kúrò. (Bí ìwé yín bá ní báà 36, wọ́n ti fi ọ̀kan há àárín 22 àti 23.)

Ohun tó dùn mọ́ mi jù: báà 7 sí 11 náà ló padà wá ní 15 sí 19, ìsàlẹ̀ ni wọ́n kàn gbé e sí. Ohùn ìsàlẹ̀ ti àkọ́kọ́ ni ti, ti, la, re, so. Ti èkejì ni mi, mi, re, so, do. Ẹni tó mọ ọ̀kan ti mọ méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀. Mo wọ mọ́tò ní Gárééjì Ọ̀fà, mo dijú, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kàn. Òfin mi ni pé n kò gbọdọ̀ kúrò ní báà kan àyàfi tí mo bá gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ létí ọkàn. A ò tíì kọjá Ajàṣẹ́-Ìpo tí mo ti dé orí so tí kì í kúrò. Ó yá jù! N kò tíì rí báà 14 rárá. Mo ti fò láti 11 bọ́ sí 20.

Ìdí rẹ̀ nìyí: lẹ́yìn 11, ohùn ìsàlẹ̀ dúró sójú kan, ta (ti tí a rẹ̀ sílẹ̀) sì wọlé. Lẹ́yìn 19, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àmọ́ báà 12 ní de, do tí a gbé sókè díẹ̀, tó ń fà wá lọ bá re ní 13. Báà 20 ò ní de. Ta inú tirẹ̀ ń fà wá lọ bá fa ní 21. Nísinsìnyí, tí mo bá dé 11, mo máa ń sọ lọ́kàn pé "de, lọ bá re". Ní 19, "ta, lọ bá fa". Nígbà tí mo ń bọ̀ láti Ọ̀fà, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò fò.

Sátidé. Mo kọ 1, 5, 12, 20, 23, 24 àti 32 sórí ègé ìwé, mo ń mú wọn láìwò, ibi tí mo bá mú ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ló jẹ́, àfi 23. Mo mọ̀ pé fe, fa tí a gbé sókè díẹ̀, ni ohùn ìsàlẹ̀ ní 22, pé la tí a rẹ̀ sílẹ̀ ló wà ní 23, àwọn méjèèjì há so mọ́ àárín kó tó dé ní 24. Mo lè dárúkọ wọn, etí mi ò tíì gbọ́ wọn. Lọ́la, màá kọ ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta yẹn lórin kí n tó fọwọ́ kan dùùrù.