Òṣùpá àrànmọ́jú lórí àpáta: báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó?

Alẹ́ àkọ́kọ́

Fọ́tò tí mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí rèé: àpáta gbalasa kan, ọ̀rẹ́ mi dúró sórí rẹ̀, ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ sì gba gbogbo òkè àwòrán náà. Lẹ́ńsì mìlímítà 50 ni mo fi yà á. Sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà mi fẹ̀ ní mìlímítà 36, fọ́tò náà sì fẹ̀ ní píksẹ́lì 6000. Ojú ọ̀run yẹn ṣófo jù lójú mi. Mo fẹ́ fi òṣùpá àrànmọ́jú sí i, kí ọ̀wọ́ lékèélékèé kan sì máa fò kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Mo ti ní òṣùpá tó kún kan nílẹ̀ tí mo fi lẹ́ńsì 200 yà. Mo gbé e sójú ọ̀run, mo ń fà á títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, píksẹ́lì 400 ló fẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo lọ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo tún ṣí i, mo rí i pé ọ̀rẹ́ mi kò ga ju píksẹ́lì 150 lọ. Òṣùpá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o lọ́nà mẹ́ta. Àwòrán inú ìwé àlọ́ ọmọdé ló jọ, kò jọ ohun tí kámẹ́rà rí.

Ọjọ́ kejì

Mo fi àfojúdá sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Òṣùpá fẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 3,474, ó sì jìnnà sí wa ní nǹkan bíi kìlómítà 384,400. Bí a bá fi fífẹ̀ rẹ̀ pín jíjìnnà rẹ̀, ohun tó jáde lé díẹ̀ ní 110. Nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí ló tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá jìnnà sí kámẹ́rà ní ìlọ́po 110 ìwọ̀n ara rẹ̀ yóò rí bákan náà pẹ̀lú òṣùpá. Fún píksẹ́lì, a ó fi 110 pín mìlímítà lẹ́ńsì, a ó sì fi iye píksẹ́lì tó wà nínú mìlímítà sẹ́ńsọ̀ kan sọ ọ́ di púpọ̀:

```
(50 ÷ 110) × (6000 ÷ 36) = 76
```

Píksẹ́lì 76! Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà. Òṣùpá a máa sún mọ́ wa, a sì máa jìnnà díẹ̀, nítorí náà ohunkóhun láti 71 dé 81 ṣì jẹ́ òótọ́. 400 kò sí níbẹ̀ rárá.

Ọ̀rẹ́ mi ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ga ní mítà 1.7. Bí ó bá dúró ní nǹkan bíi mítà 187, òun àti òṣùpá yóò ga bákan náà nínú fọ́tò. Mo padà lọ fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ibi tí mo gbé kámẹ́rà sí dé orí àpáta: nǹkan bíi mítà 95. Ìdajì ni, nítorí náà ó yẹ kí ọ̀rẹ́ mi ga tó òṣùpá méjì. 76 lọ́nà méjì jẹ́ 152, òun náà sì jẹ́ 150. Inú mi dùn gidi gan-an.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ìṣirò yìí, kí ó lo iye píksẹ́lì tí fọ́tò ní kí ó tó gé e, kí ó sì lo fífẹ̀ sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ni sẹ́ńsọ̀ wọn kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 23.5 lọ, níbẹ̀ lẹ́ńsì 50 kan náà yóò fún ni ní òṣùpá tó tó 116.

Ọjọ́ kẹrin

76 tọ́, ṣùgbọ́n ó kéré lójú. Gbogbo wa la mọ òṣùpá tó ń yọ lókè ilẹ̀ bí ohun ńlá, bẹ́ẹ̀ ìka ọwọ́ tó kéré jù, bí a bá na apá tán, á bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Dípò kí n fẹ òṣùpá nìkan, mo gé fọ́tò náà kù sí píksẹ́lì 3000 ní fífẹ̀. Òṣùpá àti ọ̀rẹ́ mi jọ tóbi sí i pọ̀, kò sí èyí tó rẹ́ èkejì jẹ.

Ibi tí mo gbé e sí náà ní òfin. Òṣùpá tó kún máa ń kọjú sí oòrùn ni, òun ń yọ bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Mo ní fọ́tò mìíràn tó rẹwà ju èyí lọ, tí ọ̀run rẹ̀ pọ́n bí iná, ṣùgbọ́n ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí. Kò sí òṣùpá àrànmọ́jú tó lè wà níbẹ̀. Eléyìí kọjú sí ìlà-oòrùn, mo sì yà á ní ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀. Òṣùpá máa ń rìn tó fífẹ̀ ara rẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, nítorí náà mi ò gbé e ga ju òṣùpá mẹ́jọ lọ láti ìsàlẹ̀ ọ̀run.

Ọjọ́ karùn-ún

Títóbi ti tọ́, síbẹ̀ ó ṣì dà bí ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn àbàwọ́n dúdú ojú òṣùpá ló tú àṣírí: wọ́n dúdú ju ọ̀run tó yí wọn ká. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó ní ìmọ́lẹ̀ wà láàárín àwa àti òṣùpá, ìmọ́lẹ̀ yẹn sì ń kún orí ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe, mo yí `Mode` ìpele òṣùpá sí `Screen`. Dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ pòórá, àwọn àbàwọ́n náà sì gba àwọ̀ búlúù ìrọ̀lẹ́. Mo jẹ́ kí òṣùpá náà pọ́n díẹ̀, nítorí pé ó ṣì wà nítòsí ilẹ̀.

Ọjọ́ keje

Ó kan àwọn ẹyẹ. Apá lékèélékèé méjèèjì, bí ó bá nà wọ́n tán, fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90. Ìlọ́po 110 rẹ̀ jẹ́ mítà 99, nítorí náà lékèélékèé tó ń fò lókè ọ̀rẹ́ mi gan-an yóò fẹ̀ tó òṣùpá. Ìyẹn tóbi ju ohun tí mo fẹ́ lọ. Mo gbé wọn lọ sí mítà 200, níbi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ píksẹ́lì 38.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo ṣe àwọn kan ní 20, àwọn kan ní 60, kí ó lè dà bíi pé wọ́n jìnnà síra. Kò tọ́. Ẹyẹ ọ̀wọ́ kan máa ń súnmọ́ra. Bí ti iwájú bá wà ní mítà 180 tí ti ẹ̀yìn sì wà ní 220, láti 42 dé 34 ni ìyàtọ̀ wọn mọ. Èyí tó ká apá rẹ̀ sókè nìkan ló lè dín kù sí i. Mo lo ẹyẹ mẹ́sàn-án, mi ò sì lo ìnà apá kan náà lẹ́ẹ̀mejì, torí ojú máa ń tètè rí ìbejì láàárín ọ̀wọ́. Dúdú pátápátá kò bá wọn mu, nítorí náà mo mú àwọ̀ wọn láti ara igi tó wà lẹ́yìn àpáta.

Ìkùukùu tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù, èyí tó gba ibi tí òṣùpá wà kọjá. Ó yẹ kí ó bo ìsàlẹ̀ òṣùpá, ṣùgbọ́n òṣùpá ló ṣì ń bò ó. Lọ́la ni màá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nu ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀.