Ẹ Tọpa Omi Kí Ẹ Tó Ya Ògiri: Ohun Tí Ilé Àtijọ́ Àjàṣẹ́ Kọ́ Mi

Iṣẹ́ mi ni kí n ya ilé àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà bó ṣe rí gan-an, kí bíríkìlà tó fọwọ́ kàn án. Ní Àjàṣẹ́ níbí, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ilé àwọn Àgùdà ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń kàn mí: ilé alámọ̀ tí wọ́n rẹ́, tí wọ́n ṣe òdòdó àti ìgbátí tó yọ síta sí lára, irú èyí tí àwọn tó ti Bùràsíìlì padà àti àwọn ọmọ wọn mú wá sí etí òkun wa. Ẹni tó bá ti dúró níwájú Mọ́ṣáláṣí Ńlá ìlú yìí, tó sì wo iwájú rẹ̀ dáadáa, mọ irú ara ògiri tí mò ń sọ.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí rò pé dídọ̀tí ògiri jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí a fi ń jẹ́ kí àwòrán "dàgbà." Wọ́n á fọ́n dúdú díẹ̀ síbí, àwọ̀ ewé díẹ̀ sọ́hùn-ún, ó parí. Ṣùgbọ́n àwòrán tí a yà ṣáájú àtúnṣe, bíríkìlà máa kà á. Ibi tí ẹ bá kùn ní dúdú, ibẹ̀ ló máa wá omi sí. Ibi tí ẹ bá gbàgbé, ó lè rẹ́ sìmáńtì lé e, kí omi máa jẹ ògiri lọ nínú. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi ya àbàwọ́n kankan kí n tó mọ ibi tí omi rẹ̀ ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ògiri kọjú sí. Nínú ìwé àwọn òyìnbó, wọ́n á ní ẹ̀gbẹ́ àríwá ni ewéko ara ògiri máa ń hù sí, torí oòrùn kì í débẹ̀. Òótọ́ ni lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ ìtòsí ìlà agbedeméjì ayé ni àwa wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán gba apá àríwá kọjá lórí Àjàṣẹ́. Àkókò yẹn gan-an ni òjò ńlá ń rọ̀, tí afẹ́fẹ́ orí òkun sì ń fẹ́ láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà ògiri tó kọjú sí gúúsù ń gba òjò sójú, oòrùn ọ̀sán kò sì yà sí i kó gbẹ. Òun ló sábà máa ń dúdú jù nílé wa. Ẹ má wá fi èyí ṣe òfin o. Ìjì tó ń ṣáájú òjò máa ń ti ìlà-oòrùn wá nígbà mìíràn, igi máńgòrò aládùúgbò sì lè ṣíji bo ògiri tó yẹ kó gbẹ. Ògiri fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ohun tí a ń pè ní "ewéko" lára ògiri kì í ṣe ẹyọ kan. Dúdú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ìka ò lè gbá mú, ohun abẹ̀mí tín-tín-tín ni, ìbátan ewédò inú adágún. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé èéfín ni. Bó bá gbẹ, ó máa ń rí bí eérú tó dúdú tó sì pọ́n díẹ̀. Bí òjò bá pa á, àwọ̀ ewé á yọ nínú rẹ̀. Ewéko gidi, èyí tó rọ̀ bí tìmùtìmù, nílò ibi tó tẹ́ tí omi lè dúró sí: orí ìgbátí, orí pẹpẹ fèrèsé, ẹnu ibi tí ògiri ti là. Ẹ ò ní sábà bá a lójú ògiri tó dúró ṣánṣán, àfi tí omi bá ń kán síbẹ̀ nígbà gbogbo. Nínú àwòrán, dúdú yẹn jẹ́ àwọ̀ lásán, kò ní gíga kankan. Ewéko tìmùtìmù ní gíga, bí kò tilẹ̀ ju mìlímítà mélòó kan lọ, ó sì máa ń ní òjìji tirẹ̀. Ẹni tó bá fi tìmùtìmù bo ojú ògiri tó dúró ti sọ fún bíríkìlà pé páìpù ń jò níbẹ̀.

Ẹ wo ilé kan tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, iwájú rẹ̀ kọjú sí gúúsù, ó fẹ̀ tó mítà mẹ́jọ. Wọ́n fi ọ̀dà ìyeyè kùn ún nígbà kan, àwọn ilẹ̀kùn fèrèsé sì jẹ́ búlúù. Láti òkè ni mo máa ń ka ògiri wá sílẹ̀, torí ọ̀nà tí omi ń gbà nìyẹn. Lábẹ́ páànù, mo rí àwọn ìlà pupa tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí àlàfo àárín wọn dọ́gba. Àlàfo ìṣó páànù ló bá mu: ìṣó tó dípẹtà ló ń sunkún sára ògiri. Bí ẹ bá ya irú ìlà bẹ́ẹ̀ gátagàta, irọ́ ni ẹ pa.

Lẹ́yìn náà ni ìgbátí tó yọ síta. Lórí rẹ̀, ewéko wà. Lábẹ́ rẹ̀, fún nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan, ògiri mọ́, ọ̀dà ṣì dúró, torí òjò kì í débẹ̀. Ibí ni kọ̀ǹpútà ti máa ń tan èèyàn. Nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń yàwòrán, bí ẹ bá so Ambient Occlusion mọ́ àwọ̀ ìdọ̀tí, á wá gbogbo kọ̀rọ̀ tó ní ìbòòji, á sì kùn ún ní dúdú. Abẹ́ ìgbátí tó gbẹ jù lọ lára ògiri ni yóò kọ́kọ́ bà jẹ́. Eruku nìkan ni mo máa ń lò ó fún, èmi ni mo sì ń fi ọwọ́ kùn ipa omi.

Ipa omi ní orí, ó sì ní ìrù. Orí rẹ̀ máa ń ṣe kedere, ní ibi tí omi ti kó jọ: igun méjèèjì pẹpẹ fèrèsé, ibi tí ìgbátí ti ṣẹ́, ẹnu gọ́tà. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó ń fẹ̀, tó sì ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ fèrèsé ilé yìí, igun méjèèjì ní ìlà dúdú, àárín sì mọ́. Pẹpẹ náà kò ní ihò tóóró tó yẹ kó wà lábẹ́ etí rẹ̀ láti já omi sílẹ̀, omi wá ń yí padà sára ògiri. Ẹ rántí pé ipa omi kì í dúdú nígbà gbogbo. Níbi tí omi ti ń ṣàn pẹ̀lú agbára lórí ògiri eléruku, ńṣe ló ń fọ̀ ọ́, ìlà náà á sì mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ.

Àbàwọ́n kan wà níbẹ̀ tó gbà mí lákòókò. Ó wà láàárín fèrèsé méjì, ó fẹ̀, ó dúdú, kò sì bẹ̀rẹ̀ láti igun pẹpẹ kankan. Orí rẹ̀ tẹ́ gbọọrọ bí ẹni pé a fi rúlà fà á. Nígbà tí mo wo fọ́tò tí mo yà nígbà tí ògiri gbẹ, tí mo fi wé èyí tí mo yà lẹ́yìn òjò, mo rí i pé ibẹ̀ ló gbẹ kẹ́yìn. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri lókè àbàwọ́n náà: ó ń dún kùù, ó ṣófo. Ẹnìkan ti fi sìmáńtì lẹ ògiri amọ̀ níbẹ̀ tipẹ́. Omi ń gba ibi tí ìgbátí ti là wọ ẹ̀yìn sìmáńtì yẹn, kò ríbi jáde lójú rẹ̀, ó wá ń yọ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ya etí gbọọrọ yẹn gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, mo sì fa ìlà sí ibi tó ṣófo. Bí mo bá ti rọ etí rẹ̀ kó lè dára lójú, bíríkìlà ì bá rò pé òjò lásán ni.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nǹkan méjì ló wà tí wọ́n máa ń pa pọ̀. Pupa tó wà ní ẹsẹ̀ ògiri jẹ́ ilẹ̀ pupa tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń ta sókè. Ó pọ̀ jù nísàlẹ̀, ó sì ń di tótòtó bó ṣe ń lọ sókè. Funfun tó wà lókè rẹ̀, tó rí bí ìyẹ̀fun, iyọ̀ ni. Omi inú ilẹ̀ ló gbé e gòkè nínú ògiri, ó gbẹ, ó fi iyọ̀ sílẹ̀. Pupa ti òde wá, funfun ti inú wá, ìtọ́jú wọn kò sì jọra rárá.

Ó ku ọ̀dà tó ti ṣí. Ẹ má ṣe fa àwọ̀ gbogbo ògiri wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyeyè tí wọ́n fi erùpẹ̀ ṣe kì í ṣí nínú oòrùn. Ohun tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ni òjò ń jẹ, tí ọ̀dà á fi di ẹ̀tù tí funfun abẹ́ rẹ̀ á sì máa yọ. Ẹ fi ìka ra á: bí ìka bá di ìyeyè, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà pupa àti ìyeyè ìgbàlódé tó ń tàn yòò ni oòrùn ń pa àwọ̀ wọn ní tòótọ́. Láti mọ bí àwọ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀, mo máa ń ti ilẹ̀kùn fèrèsé tó ti ṣí sílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, kí n wo ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí ọ̀dà bá ti bó, etí rẹ̀ máa ń fi àwọn ọ̀dà ìṣáájú hàn ní ìpele-ìpele. Ìwọ̀nyí ni mo máa ń yà láti itòsí, torí onílé á fẹ́ mọ̀ wọ́n.

Fọ́tò ni gbogbo èyí dúró lé. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú díẹ̀ tí òjò ò sì tíì rọ̀ ló dára jù, torí òjìji kò ní bo ipa omi. Ẹ gbé páálí eérú tí wọ́n fi ń wọn àwọ̀ sára ògiri nínú fọ́tò kan. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, torí nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo ewéko, á sì dà bíi pé ó ti kú. Fún iwájú mítà mẹ́jọ yẹn, mo lo àwòrán ojú ògiri tó ní píksẹ́lì 8192 ní ìbú, ìyẹn píksẹ́lì kan fún nǹkan bíi mìlímítà kan, èyí tó tó láti fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ hàn. Mo tò ó bí ọdún ṣe tò ó: ọ̀dà ìsàlẹ̀, ọ̀dà òkè, bó ṣe ṣí, ipa omi, dúdú, eruku gbẹ̀yìn. Roughness mi, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ojú ògiri kò ṣe ní dán tó, kì í sọ̀kalẹ̀ ju 0.9 lọ lórí ògiri gbígbẹ. Ipa òjò tó bá ń dán nínú àwòrán túmọ̀ sí pé ó ṣì tutù.

Àwọn ibi tí ojú mi ò tó, irú bíi ẹ̀yìn àtíbàbà oníṣòwò tó so mọ́ ilé náà, n kì í fi Noise Texture, àbàwọ́n tí kọ̀ǹpútà ń dá ṣe fúnra rẹ̀, bò ó. Mo máa ń fi eérú lásán sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ kékeré: "A kò rí ibí, ẹ ṣí àtíbàbà kí ẹ tó rẹ́ ẹ."