Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára fìríisà ìyá ẹlẹ́ja

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ fìríisà àti ẹ̀rọ amúlétutù, lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti bi yín ní iye tí ẹ̀rọ jẹ́, ohun tí yóò tún bi yín ni iye tí yóò máa jẹ nínú owó iná lóṣù. Ní ìparí ọdún 2024, ìyá kan tó ń ta ẹja n'Íbàdàn bi mí ní ìbéèrè yìí. Mo yára dáhùn, mo sì ṣì í lọ́nà.

Mo wo àkọlé tó wà lẹ́yìn fìríisà rẹ̀, mo rí wáàtì 200. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po 24 nítorí pé kì í pa á tọ̀sán-tòru, mo fi 1,000 pín in, ó di yúníìtì 4.8 lójúmọ́, ìyẹn yúníìtì 144 ní ọjọ́ 30. Báńdì A ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, náírà 209.50 sì ni yúníìtì kan nígbà náà, nítorí náà owó náà di náírà 30,168. Nígbà tí mo fi owó orí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń yọ kúrò lára káàdì kún un, ó lé ní náírà 32,400. Ìyá náà dákẹ́, ó sì ní òun yóò ta fìríisà náà.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, mo sì padà lọ bá a lọ́jọ́ kejì. Mo ní kí ó pa gílóòbù àti fáànù, kí fìríisà nìkan máa jẹ iná. Lójú mítà rẹ̀, wọ́n kọ 1000 imp/kWh síbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iná pupa kékeré náà ń ṣẹ́jú ní ìgbà 1,000 fún yúníìtì kan. Bí ẹ bá ka iye ìgbà tí iná yẹn ṣẹ́jú fún mínítì mẹ́fà lórí irú mítà bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá, wáàtì tí ẹ̀rọ ń jẹ lákòókò yẹn gan-an lẹ ti rí. Ẹẹ́mẹ́tàdínlógún ni mo kà nígbà tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́, ìyẹn wáàtì 170, kì í ṣe 200.

Àṣìṣe mi tó tóbi jù wà nínú wákàtí. Fìríisà lè wà lójú iná fún wákàtí 24, ṣùgbọ́n kọ̀ńpírẹ́sọ̀ rẹ̀ a máa sinmi bí inú rẹ̀ bá ti tutù tó. Mo jókòó tì í fún wákàtí kan lọ́sàn-án, ó ṣiṣẹ́ fún mínítì 27, ó sinmi fún 33. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, wákàtí 10.8 péré ni iṣẹ́ rẹ̀ lójúmọ́. Wáàtì 170 ní ìlọ́po 10.8 kò tó yúníìtì méjì, oṣù kan jẹ́ yúníìtì 55, owó rẹ̀ pẹ̀lú owó orí sì jẹ́ bíi náírà 12,400.

Kí ẹ má ṣe gbà pé wákàtí kan péré ti tó láti fi ṣe ìdájọ́. Lọ́jọ́ tó kó páálí ẹja tuntun sínú rẹ̀, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí méjì lọ láìsinmi. Lóru tí ẹnikẹ́ni kò ṣí i, ìsinmi rẹ̀ gùn gan-an. Bí iná bá sì lọ fún wákàtí mẹ́rin, ẹ má yọ gbogbo wákàtí mẹ́rin náà kúrò nínú ìṣirò, nítorí pé bí iná bá dé, ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ pẹ́ láti lé ooru tó ti wọ inú rẹ̀ jáde.

Ní ti ẹ̀rọ amúlétutù, nọ́ńbà méjì ló sábà máa ń wà lára àkọlé rẹ̀. Èyí tó tóbi, bíi wáàtì 3,500 lára ẹ̀rọ họ́ọ̀sì kan àbọ̀, ni ooru tó lè kó kúrò nínú yàrá. Èyí tó kéré, tó sábà máa ń lé díẹ̀ ní 1,000, ni iná tó ń jẹ. Ẹni tó bá fi ti àkọ́kọ́ ṣírò owó yóò rí iye tó tó ìlọ́po mẹ́ta òótọ́.

Mo ti padà rí fìríisà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iye tí mo kọ́kọ́ sọ fún ìyá ẹlẹ́ja yẹn. Rọ́bà ẹnu ìdérí rẹ̀ ti ya, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kò sì sinmi rárá ní gbogbo àkókò tí mo fi wà níbẹ̀. Mo fi náírà bébà kan sáàárín ìdérí àti ara fìríisà, mo pa á dé, mo fà á, ó sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí ohun tó dì í mú. Rọ́bà ni mo pààrọ̀, n kò fọwọ́ kan gáàsì rẹ̀.