Àyẹ̀wò ọdún mi: owó ọdún tí mo gbà ṣáájú

Oṣù kọkànlá èṣí ni mo kọ́kọ́ ní kí àwọn oníbàárà áàpù ìṣirò ọjà mi máa san owó ọdún lẹ́ẹ̀kan náà. ₦5,000 ni lóṣù. Ẹni tó bá san ti ọdún, oṣù mẹ́wàá ni yóò san, yóò sì lo méjìlá: ₦50,000. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ogójì èèyàn ti san. Mílíọ̀nù méjì náírà! Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Kí oṣù tó parí, mo ti fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan ra ínfátà àti bátìrì. Owó iṣẹ́ tí mi ò tíì ṣe ni mo ná yẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, àwọn ogójì yìí ṣì ń pè mí lójoojúmọ́, mo ṣì ń san owó sáfà lórí wọn, kọ́bọ̀ kan ò sì wọlé látọ̀dọ̀ wọn. Owó àwọn tó ń san lóṣooṣù ni mo fi ń gbọ́ bùkátà wọn. Ó yẹ kí n ti kó o sí àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí n máa fa nǹkan bí ₦166,000 yọ lóṣù.

Àsìkò àtúnsan wá dé. Mẹ́tàlélógún ló tún san. Inú mi ì bá dùn sí i, àmọ́ mo ya àwọn àtijọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tuntun. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti ń lò ó fún ọdún kan ó lé kí ẹ̀dínwó tó dé. Ogún nínú wọn padà. Nínú àwọn tuntun mẹ́rìnlá, mẹ́ta péré ni.

Àwọn àtijọ́ yẹn ì bá san oṣù méjìlá wọn pé bí mi ò tilẹ̀ dín owó. ₦10,000 ni mo fi ta ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́rẹ, ₦260,000 lápapọ̀. Ní ti àwọn tuntun, ẹni tuntun tó ń san lóṣooṣù kì í sábà kọjá oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ mi, ìyẹn ₦20,000. Mo wá gba ₦30,000 lé e lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦420,000. Èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Mo pe ìyá kan lára àwọn tuntun tí kò padà, tó ń ta ohun èèlò ilé ìdáná. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, torí pé ẹ dín in kù ni mo ṣe san án. Ìwé tí mò ń kọ ọjà sí ṣì wà lábẹ́ káńtà.” Mo yẹ̀ ẹ́ wò: láti oṣù kẹta ni wọn ò ti kọ ọjà kankan sínú áàpù. Mẹ́sàn-án nínú àwọn tuntun mọ́kànlá tí kò padà ló rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó ń bọ̀, oṣù kan péré ni màá yọ fún àwọn àtijọ́, ₦55,000. Ẹni tuntun kò ní rí owó ọdún rárá àfi tó bá ti lo oṣù mẹ́ta. Mo sì ti ṣètò kí orúkọ ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ méjì láì kọ ọjà máa jáde fún mi láràárọ̀. Márùn-ún ló jáde lónìí. Mo ti pe mẹ́ta.