Àlàyé fíìmù tí àwòrán rẹ̀ kò tíì pé

Àlàyé tí wọn yóò kà sórí fíìmù ẹja odò Ògùn ni mo jókòó tì lónìí. Àwòrán ìgbà ẹ̀rùn ti wà nílẹ̀: omi ti fà, àpáta ti yọrí, àrọ̀ ń jáde sókè nínú ọ̀gọ̀dọ̀ láti gbé afẹ́fẹ́ mì. Ti ìgbà òjò ni kò tíì sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọkàn fíìmù náà, torí ìgbà yẹn ni àrọ̀ ń yé ẹyin. Olóòtú sì fẹ́ ka ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀ kí oníkámẹ́rà tó padà sódò.

Mo pín ojú ìwé sí méjì, àwòrán lápá òsì, ọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún. Ibi tí àwòrán wà kò le. Èyí tí àrọ̀ ti ń mí jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 12. N kò sọ pé ẹja jáde sókè, òǹwòran ti rí ìyẹn. Ohun tí ojú kò lè rí ni mo kọ: “Nínú orí àrọ̀, ẹ̀yà kan wà tó pẹ̀ka bí igi. Òun ni àrọ̀ fi ń lo afẹ́fẹ́ tó gbé mì.” Mo kà á sókè, mo fi aago wọ̀n ọ́n, àyè ṣẹ́ kù fún ìró omi. Ó dùn mọ́ mi.

Apá tí kò ní àwòrán ló gba ọjọ́ lọ́wọ́ mi. A mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ tí omi wọ inú koríko etí odò, àrọ̀ á tẹ̀ lé e lọ síbi tí omi kò jìn, lóru. Akọ á ká ara rẹ̀ mọ́ orí abo, abo á tú ẹyin sílẹ̀, á fi ìrù gbá a káàkiri, ẹyin á lẹ̀ mọ́ koríko. Àwọn méjèèjì á sì lọ, wọn kì í ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n omi ìkún máa ń pọ́n, òkùnkùn sì ni. Ó lè jẹ́ koríko tó ń mì nìkan ni kámẹ́rà máa rí. Bí mo bá ti kọ “akọ ká ara rẹ̀ mọ́ orí abo” sílẹ̀ bí ohun tí a máa fi hàn, ọ̀rọ̀ mi ló máa ti wọn láti wá àwòrán àdábọwọ́. Nítorí náà mo kọ ọ́ lọ́nà méjì, ọ̀kan fún bí wọ́n bá rí wọn, èkejì fún koríko tó ń mì.

Ẹnìkan dá a lábàá pé ká ya èyí tó kù níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja. Wọn ò lè rí ìbálòpọ̀ yẹn níbẹ̀: abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún abo, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún ẹyin jáde. Ẹyin tó ń pa nìkan ni wọ́n lè yà. Ìdí nìyí tí n kò fi kọ “àwọn ẹyin yìí”, nítorí kì í ṣe ti inú koríko yẹn. Mo kọ: “Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹyin àrọ̀ kì í pẹ́ ju bí ọjọ́ kan àbọ̀ lọ kó tó pa.” Òótọ́ ni, ibi yòówù kí àwòrán ti wá.

Ìkún omi pàápàá gba ìṣọ́ra. Láti 1983 ni ìsédò Ọ̀yán ti wà, omi tí wọ́n bá sì tú sílẹ̀ níbẹ̀ ń dé odò Ògùn. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, odò lè kún láìjẹ́ pé òjò rọ̀ níbẹ̀. Mo yọ “òjò ti dé” kúrò, mo fi “omi ti wọ inú koríko” rọ́pò rẹ̀ títí a ó fi mọ ohun tó kún un.

Ti epìyà ṣì ṣófo. Oríṣi kan wà tó jẹ́ ìyá ló ń fi ẹnu pa ẹyin mọ́, òmíràn jẹ́ bàbá, òmíràn sì ń tẹ́ ẹyin sílẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ ọ. N kò ní kọ “ìyá” tàbí “bàbá” kí ẹni tó mọ ẹja tó wò ó kó sọ èyí tó jẹ́.

Oníkámẹ́rà pè mí nírọ̀lẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, tí mi ò bá rí àrọ̀ yẹn ńkọ́?” Mo ní kó má fi agbára wá wọn. Kó kọ ọjọ́, ibi tó dúró sí, bí omi ṣe rí, àti ohun tí àwọn apẹja ibẹ̀ sọ pé ó kún odò, kó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán. Ohùn tèmi tí mo fi fóònù gbà sílẹ̀ ni a máa lò fún títò àwòrán báyìí. Ẹni tó máa kà á gan-an kò tíì ní wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ títí àwòrán tó gbẹ̀yìn yóò fi dé, torí ìlà tí mo fi àmì pupa sí, pàápàá ti inú koríko, lè yí padà pátápátá.