Ìwé ètò ìsìnkú Bàbá, àti àwọn tí yóò sọ̀rọ̀ lálẹ́ àìsùn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lálẹ́

Lónìí ni a parí ọ̀rọ̀ ìwé ètò ìsìnkú Bàbá, lẹ́yìn àríyànjiyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìpàdé ẹbí ká. A ti pín iṣẹ́ láàárín ara wa: bọ̀ọ̀dá mi àgbà wà nídìí pósí àti ibojì, àǹtí wa tí ó ń gbé ní Ìbàdàn wà nídìí aṣọ ẹbí àti oúnjẹ, wọ́n sì gbé ìwé ètò lé èmi lọ́wọ́ nítorí wọ́n ní èmi ni mo mọ ìwé kọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ẹni tí ó bá ń kọ ìwé ètò ni ó ń pinnu ẹni tí ará ìlú yóò mọ̀ sí ọmọ olóògbé, àti ẹni tí yóò dìde sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

Ètò ìsìn fúnra rẹ̀ kò pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Bàbá, Ìwé Àdúrà sì ti la ọ̀nà sílẹ̀ tipẹ́: ọ̀rọ̀ Jòhánù, “Èmi ni àjíǹde àti ìyè,” ni àlùfáà yóò fi ṣíwájú òkú wọ ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà Sáàmù 39 tàbí 90, ẹ̀kọ́ láti inú Kọ́ríńtì Kìíní orí 15, ìwàásù, àdúrà, kí a tó lọ sí ẹ̀bá ibojì fún dída erùpẹ̀ sí i. Ohun tí fíkà fi sílẹ̀ fún wa láti yàn ni àwọn orin àti ẹni tí yóò ka ẹ̀kọ́. Wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò ní sọ ọ̀rọ̀ ìdárò nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ẹtì; ibi àìsùn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, nínú ọgbà ilé wa, ni kí a kó gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú ẹbí bínú sí èyí, ṣùgbọ́n inú mi dùn, nítorí mo ti jókòó sí ìsìnkú tí òkú ti wà níwájú pẹpẹ fún wákàtí mẹ́ta nígbà tí àwọn ènìyàn ń gba máìkì lọ́wọ́ ara wọn.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni iye ojú ewé. Atẹ̀wé ṣàlàyé pé ìwé tí a bá fi pín-ìn-nì gún láàárín gbọ́dọ̀ ní iye ojú ewé tí ó ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, nítorí bébà kan tí a bá ká sí méjì, ojú ewé mẹ́rin ni. Bí ọ̀rọ̀ bá fi ojú ewé kan péré lé ní 20, owó 24 ni a ó san. A fi í sí 20. Orin nìkan gbà tó méje nínú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àlejò kì í mú ìwé orin wá mọ́, a sì ní láti tẹ gbogbo ẹsẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà orin kọ̀ọ̀kan kí ẹni tí ó ń tẹ dùùrù lè tètè rí i. Àwọn fọ́tò gba mẹ́ta. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù kò mọ́lẹ̀ tó láti tẹ̀, nítorí ẹ̀rọ náà máa ń fún àwòrán pọ̀. Èyí tí a mú jáde nínú fúrémù ara ògiri tí a sì lọ yà lọ́dọ̀ atẹ̀wé ni ó dára.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ìtàn ìgbésí ayé Bàbá. Ọjọ́ orí wọn ni a kọ́kọ́ jà lé. Bọ̀ọ̀dá ti ní kí wọ́n kọ 94 sórí pátákó tí yóò wà lójú títì. Ìwé owó ìfẹ̀yìntì Bàbá sọ pé 1937 ni wọ́n bí wọn. Ìwé ìrìbọmi tí a rí nínú àpótí onírin wọn sì fi hàn pé ọdún 1934 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wọn, nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Ẹni tí ó bá mọ ìran wọn kò ní bá ìwé ìfẹ̀yìntì lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní ọjọ́ orí ilé àti ọjọ́ orí iṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n má bàa tètè fẹ̀yìn tì. Ohun tí ó bá mi yanjú rẹ̀ ni pé Bàbá ti parí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni nígbà tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n sì ń wá olùkọ́ lójú méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ 1937 ni wọ́n bí wọn, wọn kò tíì pé ọmọ ogún ọdún rárá, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wọ́n ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́. A kọ 1934, bọ̀ọ̀dá sì lọ yí pátákó padà sí 91. Bí iye tó wà lórí pátákó bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé, ohun tí àlejò yóò máa sọ lábẹ́ àtíbàbà nìyẹn.

Èkejì le ju ìyẹn lọ. Ìyàwó méjì ni Bàbá fẹ́: ìyá wa, tí ó ti sùn, àti Ìyá Kékeré, tí ó wà láyé. Yàtọ̀ sí àwọn ọmọ wọn, Bàbá bí obìnrin kan síta nígbà tí wọ́n ń kọ́ni ní ìlú mìíràn kí wọ́n tó fẹ́ Ìyá Kékeré. Àwọn kan ní kí a má kọ orúkọ rẹ̀, pé ó ti ní ilé ọkọ tirẹ̀, pé kí la fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ olórí ẹbí lọ, wọ́n sì bi wá ní ìbéèrè méjì péré: ta ni ó sọ ọ́ lórúkọ, ta ni ó san owó ilé-ìwé rẹ̀? Bàbá ni, ní méjèèjì. Wọ́n ní, “Ẹ kọ ọ́. Òkú kò ní ọmọ tí ó ń fi pamọ́.” Nítorí náà a to orúkọ gbogbo ọmọ ní ìtẹ̀léra bí a ṣe bí wọn, láìpín wọn sábẹ́ ìyá kankan, àǹtí náà sì bọ́ sí ipò kẹta, ṣáájú èmi gan-an. Kì í ṣe àánú lásán ni. Ìwé ètò ìsìnkú kì í parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Bí ọ̀rọ̀ ogún bá dé lọ́la, òun ni àwọn ènìyàn máa ń gbé jáde láti fi sọ pé ẹbí mọ̀ mí tàbí ẹbí kò mọ̀ mí. Lẹ́yìn èyí a kọ ọ́ pé wọ́n fi opó kan sílẹ̀, orúkọ Ìyá Kékeré sì tẹ̀ lé e. Ojú ewé yìí ni mo ní kí ẹni mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò kí wọ́n sì buwọ́ lù, nítorí ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí atẹ̀wé fi ránṣẹ́ ti yọ àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò lára orúkọ ẹni mẹ́rin.

Ó wá ku àwọn tí yóò sọ̀rọ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni àìsùn yóò bẹ̀rẹ̀, fíkà sì fẹ́ kí a parí ní aago méje kí àwọn tí yóò rìnrìn àjò lè tètè lọ. Nínú wákàtí méjì yẹn, orin márùn-ún yóò gba bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àdúrà àti Bíbélì ogún, ọ̀rọ̀ ìyànjú ogún, ìtàn ìgbésí ayé mẹ́wàá, ìdúpẹ́ márùn-ún; bí a bá sì ti yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a óò fi pẹ́ bẹ̀rẹ̀, 25 ni ó ṣẹ́ kù. Ẹni márùn-ún nìyẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí ìkíni sí àwọn ọlọ́lá tí ó wà níjòókòó yóò sì jẹ méjì nínú rẹ̀ bí a kò bá ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ wá. Àwọn tí ó ti béèrè fún àyè ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fi ń yan wọn ni bóyá ẹni náà rí apá kan ayé Bàbá tí àwa tí a wà nílé kò rí. Nọ́ọ̀sì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Nígbà tí ó wá kí wa, ó sọ pé bàbá òun ti mú òun kúrò nílé-ìwé ní kíláàsì kẹrin kí òun lè máa kiri ẹ̀kọ, ni Bàbá bá gun kẹ̀kẹ́ lọ bá bàbá rẹ̀ nínú oko kòkó, wọ́n bá a kó èèpo kòkó títí ilẹ̀ fi ṣú láìsọ ohun tí wọ́n bá wá, kí wọ́n tó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ní ọmọ tí ó mọ ìṣirò. Àwa kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Ẹnì kejì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí Bàbá ṣe akápò fún. Ẹ̀kẹta ni Alhájì tí ògiri ilé rẹ̀ kan tiwa. Ẹnì kan béèrè bóyá ó yẹ kí Mùsùlùmí sọ̀rọ̀ níbi àìsùn, fíkà sì dáhùn pé aládùúgbò ni yóò sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹrin yóò sọ̀rọ̀ fún gbogbo ọmọ-ọmọ, ẹ̀karùn-ún fún àwa ọmọ. Àkọ́bí Ìyá Kékeré ni a fún ní èyí, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé bọ̀ọ̀dá wa ni yóò dúpẹ́.

Olóṣèlú kan tí ó ṣèlérí màlúù fẹ́ sọ̀rọ̀. A ó dárúkọ rẹ̀, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n màlúù kì í ra máìkì. Àbúrò Bàbá kan wà pẹ̀lú tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn fún ọdún pípẹ́, tí gbogbo wa sì mọ̀ pé kò lè sọ̀rọ̀ kí ó má kan ilẹ̀ náà. A kò lè fo wọn dá, nítorí àgbà ni wọ́n. Ẹnì kan ní kí a fi àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ fún wọn, mo sì kọ̀, torí pé ẹni tí ó ní ẹjọ́ nínú lè fi àdúrà rò ó. Àwọn ni a wá kọ sílẹ̀ pé yóò ṣáájú ẹbí lọ sí ẹ̀bá ibojì, ipò tí ó ga ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ, tí kò sì sí máìkì níbẹ̀. Inú wọn dùn.

Mo ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé àìsùn pé kí gbogbo ẹni tí ó bá tún ní ọ̀rọ̀ nípa Bàbá kọ ọ́ sínú ìwé ìbánikẹ́dùn tí yóò wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ti ní kí wọ́n ra ìwé tí ó nípọn.