Ọkọ̀ búrẹ́dì méjì: ọ̀kan ń mu dísù, èkejì ń mu bẹntiróòlù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ ra bọ́ọ̀sì kékeré fi gbé ọjà, ohun tí ẹ kọ́kọ́ ń bi mí ni pé èwo ni kì í jẹ epo. Èmi náà, ohun tí mo bèèrè nìyẹn nígbà tí mo fi bọ́ọ̀sì dísù kún ti bẹntiróòlù tí mo fi ń gbé búrẹ́dì káàkiri Òṣogbo.

Ẹ má wo gééjì fi mọ̀ ọ́n. Mo rọ epo kún táǹkì títí ẹ̀rọ ilé epo fi gé fúnra rẹ̀, mo kọ iye kìlómítà sílẹ̀, mo lo ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì padà sí ilé epo kan náà láti rọ ọ́ kún. Iye lítà tó wọlé nígbà kejì ni ọkọ̀ jẹ. Ti bẹntiróòlù jẹ lítà 11 ní 100 kìlómítà; ti dísù jẹ 8. Ẹrù kan náà, ọ̀nà kan náà.

Ẹ fi 8 pín 11, ẹ ó rí 1.375. Ìyẹn ni pé bí lítà bẹntiróòlù bá jẹ́ náírà 1,000, tí dísù bá ti dé 1,375, kò sí èrè kankan nínú epo mọ́. Ní 2022, dísù ju ìlọ́po mẹ́ta bẹntiróòlù lọ, nítorí ìjọba ń fi owó ìrànwọ́ sí bẹntiróòlù. Wọ́n yọ owó náà ní 2023, iye méjèèjì sì sún mọ́ra. Ẹ rọra gba ìmọ̀ràn ẹni tó ti fẹ̀yìn tì nínú ọkọ̀ kó tó di ìgbà náà.

Èmi ń sá 60 kìlómítà lójúmọ́, láti Òkè-Fìà dé Ìgbóná, títí dé Òkè-Báálẹ̀, ọjọ́ 26 lóṣù. Ká ní bẹntiróòlù jẹ́ 900, dísù sì jẹ́ 1,000: ti àkọ́kọ́ á gba nǹkan bí 154,000, ti èkejì á gba nǹkan bí 125,000. Dísù fi nǹkan bí 30,000 sí mi lápò lóṣù. Inú mi dùn gan-an.

Nígbà tó yá, epo wọ́n, mo ra dísù inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà. Ká tó jáde nílùú lọ́nà Ìkirun, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáwọ́, èéfín funfun ń jáde, ló bá kú. Bàbá mẹkáníìkì tú fítà epo, ó da ohun inú rẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e síwájú oòrùn. Omi wà nísàlẹ̀, dísù léfòó lókè.

Bàbá ní, "Omi lo rà, o ò ra epo. Dísù fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́ kí inú pọ́ǹpù máa yọ̀. Bí omi bá gba ipò rẹ̀, irin á máa ha irin."

Pọ́ǹpù àti àwọn nọ́sù tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnì gba 270,000 lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: owó tí mo fi oṣù mẹ́sàn-án ṣẹ́jọ. Plọ́ọ̀gì mẹ́rin ti bẹntiróòlù kò sún mọ́ ọn rárá, mẹkáníìkì ìdí igi èyíkéyìí sì lè pa á dà. Láti ìgbà náà, kí n tó tan ọkọ̀ láàárọ̀, mo máa ń tú ṣúúrù kékeré ìdí fítà sínú ìgò, torí omi á ti rọ̀ sílẹ̀ lóru. Mo ń jẹ́ kó dà títí kìkì dísù fi ń jáde.

Ẹni tó bá ń sá 200 kìlómítà lójúmọ́, bíi ká lọ Ìbàdàn ká sì bọ̀, owó tó ń ṣẹ́jọ lórí epo á ju tèmi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó lè ru irú àtúnṣe yẹn. Tèmi kò ru ú. Inú ìlú ni mo wà.

Mo ta bọ́ọ̀sì dísù náà níkẹyìn. Bọ́ọ̀sì bẹntiróòlù tí mo ti tà ṣáájú, ọjọ́ mẹ́rin péré ni: àwọn oníkòròpé ń dù ú, ẹnìkan tilẹ̀ ní òun fẹ́ yí i sí ti gáàsì CNG, èyí tó rọrùn fún ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù ju ti dísù lọ. Ti dísù lo oṣù méjì. Ẹni tó wá rà á kẹ́yìn mú mẹkáníìkì dání, ọmọdékùnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti tan ọkọ̀ kí wọ́n tó dé, kó má bàa ṣe agídí. Ọmọ náà kò béèrè kọ́kọ́rọ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, a ó padà wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tan án o."